Nọ́ńbà Tó Wà ní Igun Fọ́tò

Ìyá Parẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, kì í sì í ṣe pé ó bí ọmọ kan tó ń jẹ́ Parẹ́. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ. Bí irorẹ́ bá yọ sí ọ lójú lọ́jọ́ tí o fẹ́ ya fọ́tò, Ìyá Parẹ́ á pa á rẹ́. Bí wáyà iná bá yọ lẹ́yìn orí rẹ bí ìwo ewúrẹ́, á pa á rẹ́. Obìnrin kan tilẹ̀ wà tó gbé fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀ wá, tó ní kí wọ́n bá òun yọ ọkọ òun kúrò níbẹ̀ pátápátá. Ìyá Parẹ́ yọ ọkùnrin náà láti orí dé ẹsẹ̀, ó fi òdòdó dí àyè rẹ̀. Nígbà tí ìjà tán nílé wọn, obìnrin yìí tún yọjú, ó ń tijú, ó ní ṣé wọ́n lè dá ọkọ òun padà síbi tó dúró sí. Kò ṣeé ṣe. Ìyá Parẹ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀ ò ní pa òun lẹ́rìn-ín mọ́.

Ohun tí kò jẹ́ kó ṣeé ṣe ni àṣà kan tó ti mọ́ ọn lára láti ìgbà tó ti ń kọ́ṣẹ́. Nígbà yẹn, kọ̀ǹpútà ò tíì wọ iṣẹ́ náà. Búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín àti àwọ̀ inú ìgò kékeré ni wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe. Ọ̀gá rẹ̀, bàbá kan tí kì í rẹ́rìn-ín, a máa kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ jẹ́ kí oníbàárà rí fọ́tò tí wọn ò tíì tún ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí wọ́n ti tún ṣe, torí bó bá rí méjèèjì pọ̀, ẹ̀sùn ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Ọ̀gá ti lọ, kọ̀ǹpútà ti dé, Ìyá Parẹ́ ò yí padà. Bó bá ti parí iṣẹ́, orúkọ kan náà tí fọ́tò àtijọ́ ń jẹ́ ló fi ń tọ́jú tuntun, tuntun á sì gorí àtijọ́. Á ṣe bẹ́ẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà tirẹ̀, á ṣe bẹ́ẹ̀ nínú fúláàṣì oníbàárà, á sì gbá ohun tó bá ṣẹ́ kù dànù. Ó máa ń fi yangàn pé kò sí ìdọ̀tí ẹnikẹ́ni nínú ṣọ́ọ̀bù òun.

Ṣọ́ọ̀bù náà ò ju yàrá kan lọ, láàárín ẹni tó ń ta bátìrì ọkọ̀ àti onígbàjámọ̀. Aṣọ funfun kan wà lára ògiri fún àwọn tó fẹ́ ya fọ́tò pélébé, ìyẹn pásípọ́ọ̀tù. Àga onírọ́bà wà níbẹ̀, ẹ̀rọ tó ń tẹ fọ́tò wà níbẹ̀, kọ̀ǹpútà olójú ńlá kan sì wà, èyí tí Ìyá Parẹ́ ń nù ju bó ṣe ń nu ojú ara rẹ̀ lọ.

Ibẹ̀ ni nọ́ọ̀sì kan wọlé sí lọ́sàn-án ọjọ́ kan, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Ó yọ fúláàṣì kan nínú báàgì. Fọ́tò kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀. Bàbá kan jókòó, ó fọwọ́ lé orúnkún, ó le ojú koko bí ẹni tí wọ́n fẹ́ dájọ́ fún. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọmọbìnrin kékeré kan jókòó lórí àpótí gíga, ó la ẹnu sílẹ̀. Omi ti ba fọ́tò náà jẹ́ kí wọ́n tó yà á sínú kọ̀ǹpútà, àbàwọ́n tó dà bí àwọ̀ ilẹ̀ wà káàkiri ara rẹ̀. Ní igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, nọ́ńbà wà níbẹ̀, ó pọ́n bí ẹyin iná: 14 6 '87.

"Èmi nìyẹn," nọ́ọ̀sì nawọ́ sí ọmọ inú fọ́tò. "Bàbá mi nìyí. Wọ́n ti dolóògbé."

"Ojú yín ò yí padà. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣì ń la ẹnu?"

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. "Ẹ bá mi yọ nọ́ńbà yẹn, ẹ yọ gbogbo àbàwọ́n omi yẹn náà. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, kó tóbi dáadáa."

"Kí ni nọ́ńbà wá ṣe yín? Ẹlòmíràn ń wá ọjọ́ tí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ kiri, kò rí i."

Nọ́ọ̀sì ń fi okùn báàgì rẹ̀ yí ìka. "Ọdún yẹn ni ìyá mi kú," ló wá wí. "Kò pẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n ya fọ́tò yìí. Bí mo bá ti rí nọ́ńbà yẹn báyìí, ńṣe ni màá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ tó kù fún wọn. Mi ò fẹ́ máa kà á mọ́."

"Ẹ pẹ̀lẹ́. Fọ́tò tiwọn ńkọ́?"

"Kò sí. Wọ́n ní wọ́n máa ń sá fún kámẹ́rà. Mi ò mọ bí ojú wọn ṣe rí. Bóyá wọ́n pupa ni o, bóyá wọ́n dúdú ni o, ẹnu làwọn èèyàn fi ń sọ ọ́ fún mi."

Ó wá rojọ́ fọ́tò náà. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin ló tọ́ ọ dàgbà, ara ògiri màmá yẹn ni fọ́tò náà wà láti kékeré rẹ̀, nínú férémù onígi tó bo igun nọ́ńbà mọ́lẹ̀. Kò tiẹ̀ mọ̀ pé nọ́ńbà wà níbẹ̀. Ìgbà tí omíyalé ya wọ ilé màmá ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ màmá yọ fọ́tò náà tútù nínú gíláàsì, ó sáré gbé e lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀, ó fi ẹ̀rọ yà á sínú kọ̀ǹpútà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ojú fọ́tò fúnra rẹ̀ ti bó bí èèpo ẹ̀pà sísè.

"Ohun tó wà nínú fúláàṣì yìí nìkan ló kù," ló wí. "Mo fẹ́ fi ya màmá lẹ́nu."

"Ẹ fọkàn balẹ̀," Ìyá Parẹ́ fèsì. "Ọwọ́ mi lẹ gbé e wá."

Bẹ́ẹ̀ ló wí o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé.

Kì í ṣe yíǹkì ni nọ́ńbà bẹ́ẹ̀. Kámẹ́rà ìgbà yẹn ní iná kékeré kan lẹ́yìn nínú, bí o bá ti tẹ̀ ẹ́ láti ya èèyàn, iná náà á jó ọjọ́ sára fíìmù pẹ̀lú ohun tí o ń yà. Ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà fi máa ń wọ inú fọ́tò ṣinṣin. O ò lè họ ọ́, o ò lè fọ̀ ọ́. Nínú kọ̀ǹpútà, ohun tó rọrùn jù ni pé kí o fi ìlà yí i ká, kí o wá sọ fún ẹ̀rọ pé kó fi ohun tó wà nítòsí dí ojú ibẹ̀. Bí ilẹ̀ ló wà nítòsí, á fi ilẹ̀ dí i. Ẹ̀rọ ò mọ ohun tó wà lábẹ́ nọ́ńbà, kò sì bìkítà.

Ìyá Parẹ́ kọ́kọ́ mú àbàwọ́n omi. Èyí tó wà lórí ògiri lọ, èyí tó wà lára ṣòkòtò bàbá lọ. Ó wá kan igun. Ohun bàìbàì kan tó dà bí àwọ̀ ilẹ̀ wà lábẹ́ nọ́ńbà náà, ó ti etí fọ́tò wọlé, ó nà lọ sídìí aṣọ ọmọ. Ìyá Parẹ́ dúró díẹ̀. Ohun náà ní bó ṣe rí, kò kàn tàn kálẹ̀ bí omi. Àmọ́ ilé tí omi wọ̀ ni fọ́tò ti wá, àwọ̀ àbàwọ́n yòókù ni ohun náà sì ní. Ó sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé omi yìí mà ṣiṣẹ́ ibi o. Ó fi ìlà yí nọ́ńbà àti àbàwọ́n ká pọ̀, ó tẹ bọ́tìnnì. Ilẹ̀ mọ́ tónítóní. Tuntun gorí àtijọ́ nínú kọ̀ǹpútà, tuntun gorí àtijọ́ nínú fúláàṣì. Nígbà tí nọ́ọ̀sì wá gba fọ́tò ńlá náà, inú rẹ̀ dùn débi pé ó dì mọ́ Ìyá Parẹ́.

Kò pẹ́ sígbà náà, ẹnì kan fa aṣọ ẹnu ọ̀nà sí apá kan bí ẹni pé ó fẹ́ já a bọ́. Màmá arúgbó kan ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó gbé fọ́tò ńlá dání tòun ti férémù tuntun. Nọ́ọ̀sì wà lẹ́yìn rẹ̀, ojú rẹ̀ ti wú.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Ẹ káàsán, mà. Èmi ni, mà. Ṣé kò dáa ni?"

"Ọwọ́ dà?"

Ìyá Parẹ́ wo fọ́tò náà. Ọwọ́ bàbá wà lórí orúnkún. Ọwọ́ ọmọ méjèèjì wà níbẹ̀ roboto. "Ọwọ́ wo, mà? Ọwọ́ gbogbo wọn pé."

"Mo ní ọwọ́ ìyá ọmọ yìí dà!"

Onígbàjámọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pa ẹ̀rọ rẹ̀ kó lè gbọ́ dáadáa.

"Èmi ni mo ya fọ́tò yìí," màmá ní. "Kámẹ́rà mi ni. Àpótí yẹn ga, ọmọ náà ò lè dá jókòó kó má ṣubú. Ìyá rẹ̀ lóṣòó síbí." Ó na ìka sí afẹ́fẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ férémù. "Ó nawọ́ di etí aṣọ ọmọ rẹ̀ mú. Ó ní, 'Àǹtí mi, ẹ má jẹ́ n wọ inú ẹ̀ o, mi ò tíì dirun.' Mo ní ó dáa, a máa ya tìẹ lọ́jọ́ mìíràn. Ọjọ́ mìíràn wo? Nígbà tí wọ́n fọ fọ́tò jáde, ọwọ́ rẹ̀ ti wọlé. A fi rẹ́rìn-ín, èmi àti òun. Mo ní, o sá títí, mo ṣì mú ọ lọ́wọ́."

"Màmá, ẹ ò sọ fún mi rí," nọ́ọ̀sì wí. Ohùn rẹ̀ kéré.

"O ò jẹ́ n sọ ọ́. Bí mo bá ti dárúkọ rẹ̀, wàá dìde, wàá lọ fọ abọ́. Mo ní kó o dàgbà ná. Férémù tí mo rà ló kéré tó bo igun yẹn, àmọ́ mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mo ń kí i."

Ìyá Parẹ́ rí ohun bàìbàì yẹn lójú ọkàn rẹ̀, bó ṣe ti etí wọlé, bó ṣe nà lọ sídìí aṣọ ọmọ. Ìka ni. Ó rí i, ó dúró, ó sì pa á rẹ́. Irọ́ kan wá sí i lẹ́nu wẹ́rẹ́, pé omi ti bà á jẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ òun, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ta ló máa já a? Ó wo ojú nọ́ọ̀sì, irọ́ náà padà sínú.

"Mo rí i, mà," ló wí. "Mo pè é lábàwọ́n omi. Èmi ni mo yọ ọ́."

Màmá jókòó sórí àga. Nọ́ọ̀sì ló sọ̀rọ̀, kíákíá, bí ẹni tó rí ọ̀nà. "Kò burú náà, Àǹtí. Àṣìṣe ni. Ẹ kàn ṣí èyí tẹ́ ẹ ò tíì tún ṣe. Ó ṣáà wà lọ́dọ̀ yín."

Ìyá Parẹ́ ò lè gbójú sókè. "Mi ò kì í tọ́jú ẹ̀."

"Ẹ ní kí lẹ wí?"

"Bí mo bá ti parí, mo máa ń fi tuntun gorí ẹ̀. Àti níbí, àti nínú fúláàṣì."

Ó ti tó ọdún mélòó kan tó ti ń fi gbólóhùn yẹn yangàn, ọjọ́ yìí ló kọ́kọ́ gbọ́ bó ṣe rí létí. Nọ́ọ̀sì pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù. Ẹ̀gbọ́n ní wọn kì í jẹ́ kí ohun tí kì í ṣe tiṣẹ́ dúró lórí kọ̀ǹpútà àwọn, òun ti pa tòun rẹ́ lọ́jọ́ tóun kó o sínú fúláàṣì. Nọ́ọ̀sì gbé fóònù sílẹ̀. Kò sunkún, kò bínú, ó kàn ń wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. Mo rò pé ká ní ó bú Ìyá Parẹ́ ni, ì bá sàn fún un.

"Fúláàṣì yẹn dà?" Ìyá Parẹ́ bi í lójijì.

"Ó wà nínú báàgì mi."

"Ẹ ti kó nǹkan mìíràn sí i?"

Nọ́ọ̀sì ronú. "Iṣẹ́ kan, lánàá. Ohun tí mo fẹ́ fi kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì tuntun. Àwòrán pọ̀ nínú ẹ̀ díẹ̀."

"Ẹ gbé e wá. Ẹ má fi sínú nǹkan kan mọ́ o, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ kàn gbé e wá bẹ́ẹ̀."

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ìdí tí Ìyá Parẹ́ fi sọ bẹ́ẹ̀. Bí o bá fi fọ́tò tuntun gorí àtijọ́ nínú fúláàṣì, ẹ̀rọ kì í sábà kọ ọ́ sórí ibi tí àtijọ́ wà gan-an. Á wá àyè mìíràn fún tuntun, á wá kéde pé àyè àtijọ́ ti ṣófo. Àtijọ́ á ṣì wà níbẹ̀ láìní orúkọ, bí ayálégbé tí wọ́n ti lé tí kò tíì kó ẹrù. Bí ayálégbé tuntun bá ti dé, ẹrù ti tẹ́lẹ̀ di àwátì. Kọ̀ǹpútà Ìyá Parẹ́ ò ní ìrètí kankan ní tirẹ̀, irú èyí tó máa ń fọ àyè òfìfo fúnra rẹ̀ ni. Fúláàṣì nìkan ló kù, nọ́ọ̀sì sì ti gba ayálégbé kan sínú rẹ̀ lánàá.

Ìyá Parẹ́ ní ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń wá ohun tó sọ nù, èyí tó ti lò rí fún ẹnì kan tí ọmọ rẹ̀ fi kámẹ́rà ṣeré. Ó ṣí i. Ó rí i dájú pé inú kọ̀ǹpútà ni ohunkóhun tó bá rí máa bọ́ sí, kì í ṣe inú fúláàṣì, kó má baà fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ ohun tó ń wá pa. Ìlà kékeré kan bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lójú kọ̀ǹpútà, ó ń rìn bí aláboyún oṣù kẹsàn-án.

"Kí ló ń ṣe?" màmá béèrè.

"Ó ń wá a, mà."

"Ó ń wá ọwọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Màmá fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn. Ẹnì kan yọjú pé òun fẹ́ ya fọ́tò pélébé, onígbàjámọ̀ ló fi ọwọ́ lé e padà. Wọ́n jọ ń wo ìlà náà títí ó fi kún.

Ohun tó rí ò pọ̀. Kò sí èyí tó ní orúkọ nínú wọn, nọ́ńbà lásán ni ètò náà fún wọn. Ìyá Parẹ́ ṣí ti àkọ́kọ́. Àwòrán ọwọ́ kan ni, nọ́ọ̀sì sì fò dìde, àmọ́ ọwọ́ tí wọ́n ń fọ̀ ní ilé ìwòsàn ni, ara iṣẹ́ tó kó sí i lánàá. Ó ṣí ìkejì. Fọ́tò bàbá ni, igun rẹ̀ mọ́ tónítóní. Èyí tó tún ṣe ni. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ máa rí i lára.

Ó ṣí ìkẹta. Fọ́tò náà tóbi, kọ̀ǹpútà sì ti dàgbà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i láti òkè wá sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ògiri yọ, pẹ̀lú àbàwọ́n omi lára rẹ̀. Ó ní àbàwọ́n! Èyí tí wọ́n ń wá ni. Nọ́ọ̀sì di ejìká Ìyá Parẹ́ mú, àmọ́ Ìyá Parẹ́ ò tíì bá a yọ̀, torí ó mọ ohun tí wọn ò mọ̀. Láti orí dé ẹsẹ̀ ni irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ máa ń wà nínú fúláàṣì. Bí àwọn àwòrán àná bá ti gba ìparí rẹ̀, orí bàbá máa yọ, àyà rẹ̀ máa yọ, ìsàlẹ̀ á sì wá di eérú lásán. Igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún ló sì máa yọ kẹ́yìn.

Ojú bàbá yọ. Fìlà ọmọ yọ. Ẹnu ọmọ tó là sílẹ̀ yọ. Ó dúró.

"Kí ló dé?" nọ́ọ̀sì wí.

"Ẹ má fọwọ́ kan tábìlì."

Ó tún rìn. Orúnkún bàbá, àpótí, ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni nọ́ńbà yọ ní igun, pípọ́n, kò dín, kò lé. Kò sí ẹni tó fi irú ayọ̀ bẹ́ẹ̀ rí nọ́ńbà yẹn rí. Màmá pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan, onígbàjámọ̀ sì kígbe láti ẹ̀yìn ògiri pé, "Ṣé wọ́n ti rí i?"

Ìyá Parẹ́ tọ́jú fọ́tò náà sínú kọ̀ǹpútà, ó tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ sínú fóònù ara rẹ̀, ó fi ìkẹta ránṣẹ́ sí fóònù nọ́ọ̀sì. Kó tó ṣe èyí, kò fi ọwọ́ kan nǹkan kan.

Ó wá fa igun náà sún mọ́ wọn títí ó fi kún ojú kọ̀ǹpútà. Ó hàn pé ọwọ́ ni lóòótọ́, bí èèyàn bá ti mọ ohun tó ń wò. Ọrùn ọwọ́ ti etí wọlé, ìka dì mọ́ etí aṣọ. Àmọ́ nọ́ńbà gba orí rẹ̀ kọjá, iná rẹ̀ sì ràn ká gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Mi ò ní bo ohunkóhun lọ́tẹ̀ yìí," Ìyá Parẹ́ wí. "Màá wò ó bóyá mo lè rí abẹ́ rẹ̀."

Ìpele mẹ́ta ni kọ̀ǹpútà fi ń kó fọ́tò aláwọ̀ jọ, pupa, àwọ̀ ewé, àti búlúù. Iná tó jó nọ́ńbà sínú fíìmù pọ́n, torí náà, ìpele pupa ló bà jẹ́ jù. Ìyá Parẹ́ ṣí pupa nìkan, nọ́ńbà funfun báláú níbẹ̀, kò sí ọwọ́ kankan. Ó ṣí ti ewé, nọ́ńbà ṣì wà, àmọ́ ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó ṣí búlúù. Fọ́tò náà ṣókùnkùn, ó rí ṣákaṣàka bí iyanrìn, nọ́ńbà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí níbẹ̀ mọ́. Ọwọ́ wà níbẹ̀. Eegun ẹ̀yìn ọwọ́ hàn. Èékánná hàn.

Nọ́ọ̀sì pariwo kékeré kan, ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

Láti ìgbà yẹn, iṣẹ́ ni. Ìlà 14 wà lórí ilẹ̀ lásán, ó rọrùn. Àmì kékeré àti 87 gba ẹ̀yìn ọwọ́ àti ọrùn ọwọ́ kọjá. Ojú nọ́ńbà nìkan ni Ìyá Parẹ́ fọwọ́ kàn. Ó mú ohun tí ìpele búlúù rí níbẹ̀, ó fi dí àyè tó bà jẹ́ nínú ìpele méjì yòókù, ó wá ń fi àwọ̀ ara tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ díwọ̀n rẹ̀ títí wọ́n fi bá ara wọn mu. Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lábẹ́ iná. Ó dúdú, ó dán.

"Wọ́n dúdú," nọ́ọ̀sì wí.

"Dúdú tó ń dán," màmá dáhùn. "Mo ti ń sọ ọ́ fún ọ."

Ó wá ku 6. Àtàǹpàkò ni 6 wà lé lórí, ìka tó sún mọ́ kámẹ́rà jù, iná kámẹ́rà sì ti kọ́kọ́ bà á kí iná nọ́ńbà tó wá bá a. Ìyá Parẹ́ wò ó nínú pupa. Funfun. Ó wò ó nínú ewé. Funfun. Ó wò ó nínú búlúù, ó wò ó títí, ó dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù, ó fi kún un. Funfun náà ni. Kò sí èékánná, kò sí ìlà, kò sí ìpele kankan tó rántí nǹkan kan níbẹ̀.

Ọwọ́ rẹ̀ ṣe ohun tó ti mọ́ ọn lára. Ó fi ìlà yí 6 ká, ó tẹ bọ́tìnnì. Ẹ̀rọ mú díẹ̀ lára ìka tó wà nítòsí, ó fi ṣe àtàǹpàkò kan tó dára, tó mọ́, tó ní èékánná.

"Ó jáde!" Omi ń bọ́ lójú nọ́ọ̀sì báyìí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ wò ó! Ẹ wo bó ṣe rí!" Ó na ìka sí àtàǹpàkò náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ kàn án.

Kò sí ohun tí Ìyá Parẹ́ ní láti ṣe ju kó dákẹ́ lọ. Inú gbogbo wọn dùn, wọ́n ti dárí jì í, wọ́n á sì máa ròyìn rẹ̀ káàkiri. Ó rí i bó ṣe rọrùn tó, ẹ̀rù sì bà á.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ dákun," ló wí. "Ìyẹn kì í ṣe tiwọn."

"Kí ni kì í ṣe tiwọn?"

"Àtàǹpàkò yẹn. Gbogbo èyí tó kù, tiwọn ni, bó ṣe wà lábẹ́ nọ́ńbà ni mo ṣe gbé e jáde. Àmọ́ kò sí nǹkan kan lábẹ́ 6. Iná ti jẹ ẹ́ tán. Ẹ̀rọ ló fi ìka mìíràn hun ìyẹn fún yín."

Nọ́ọ̀sì fa ọwọ́ rẹ̀ padà. Ìyá Parẹ́ yí iṣẹ́ náà padà sẹ́yìn, àtàǹpàkò lọ, 6 tún yọ, ó funfun láàárín, etí rẹ̀ pọ́n. "Èyí tẹ́ ẹ bá fẹ́ ni màá ṣe. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kí n fi sí i, kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

Nọ́ọ̀sì yíjú sí màmá. "Báwo ni àtàǹpàkò wọn ṣe rí?"

Gbogbo ìbínú tí màmá gbé wọlé ti lọ. "Mo mọ ohùn rẹ̀," ló wí. "Mo mọ bó ṣe ń rẹ́rìn-ín, tó máa ń fi etí aṣọ bo ẹnu. Àtàǹpàkò... ọmọ mi, mi ò wò ó. Mo rò pé màá ṣì máa rí i."

Ẹ̀rọ onígbàjámọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn ògiri. Nọ́ọ̀sì wo fọ́tò náà pẹ́, ó fi ojú tẹ̀ lé ọwọ́ náà láti etí fọ́tò lọ títí dé ibi tó ti di aṣọ òun mú.

"Ẹ jẹ́ kí nọ́ńbà yẹn wà níbẹ̀," ló wí.

"6 yẹn? Àbí ẹ ò ní ẹ ò fẹ́ máa ka ọjọ́ mọ́ ni?"

"Abẹ́ ẹ̀ ni wọ́n wà."

Ìyá Parẹ́ fún fọ́tò tuntun lórúkọ tirẹ̀, ó jẹ́ kí àtijọ́ máa jẹ́ tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ tẹ fọ́tò ńlá náà jáde. Bàbá ṣì le ojú koko, ọmọ ṣì la ẹnu, ilẹ̀ mọ́, ọwọ́ dúdú kan ti etí wọlé, ó di ọmọ náà mú kó má ṣubú, 6 pípọ́n kan ṣoṣo sì wà lórí àtàǹpàkò rẹ̀.

Nígbà tó gbẹ, Ìyá Parẹ́ yọ ti àkọ́kọ́ kúrò nínú férémù, ó fi tuntun síbẹ̀. Igi férémù náà nípọn, ó gba orí igun náà, ó bo ọrùn ọwọ́ àti ìdajì 6. Màmá rí i. Ó gba férémù lọ́wọ́ rẹ̀, ó tú ẹ̀yìn rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó yọ fọ́tò jáde.

"Ẹ máa mú férémù yẹn lò," ló wí. "Mo ti fi igi bo ọmọ yẹn tó."

Ó gbé fọ́tò náà mọ́ àyà bó ṣe wà, ó ní kí nọ́ọ̀sì ṣáájú, kó máa bá òun wo kòtò iwájú ṣọ́ọ̀bù.